Owó Òru Nínú Owó Oṣù: Ìtàn Àfikún Owó Ṣíìfù ní Ìkẹjà àti Agége, 1960 sí 2008

1.0 Ìfáárà

Nínú ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọpasẹ̀ rẹ̀ ni owó oṣù tí ìjọba kéde. Wọn a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbìmọ̀ Morgan àti ìyanṣẹ́lódì gbogbo òṣìṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1964, wọn a bọ́ sórí ìgbìmọ̀ Adébọ̀ ní 1970 àti 1971, wọn a kan Údójì ní 1974, wọn a sì kádìí rẹ̀ sórí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 1981. Ọ̀nà yìí dára, nítorí pé àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni ariwo pọ̀ jù. Àmọ́ iye tí ìjọba kéde kọ́ ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń kà sọ́wọ́ ní ìparí oṣù. Láàárín iye tí wọ́n kéde àti iye tó dé ọwọ́, àwọn owó mìíràn wà níbẹ̀: owó àṣekún iṣẹ́, owó ọkọ̀, owó ilé, àti owó òru.

Owó òru ni àpilẹ̀kọ yìí gùn lé. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni àfikún tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ẹni tí ṣíìfù rẹ̀ bọ́ sí òru, yàtọ̀ sí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ìwádìí náà dúró sí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó tò láti Ìkẹjà títí dé Agége, níbi tí iṣẹ́ ṣíìfù ti gbilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibi lọ ní Nàìjíríà. Kókó tó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nínú gbogbo owó tó ń wọlé fún òṣìṣẹ́ àgbègbè yìí, owó òru ni ó rọrùn jù lọ láti dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé pé òun dín owó oṣù kù. Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀: iye òru tó bọ́ sínú oṣù, owó tí wọ́n gbé ìṣirò náà lé, àti bíbẹ tí ṣíìfù òru fúnra rẹ̀ bá wà tàbí tí kò sí mọ́.

2.0 Bí òru ṣe di ohun tí wọ́n ń rà

Kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó dé, iṣẹ́ òru kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ ń ṣọ́ ìlú lóru, apẹja ń dẹ odò lóru, àwọn obìnrin sì ń yí gààrí mọ́jú nítorí ọjà ọ̀la. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ya wákàtí òru sọ́tọ̀ kúrò lára wákàtí ọ̀sán láti fi iye tirẹ̀ lé e lórí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń díye lé, wọn kì í díye lé wákàtí.

Ilé-iṣẹ́ ló yí èyí padà. Agége ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún jẹ́ ilẹ̀ oko, pàápàá oko obì. Ìkẹjà kò sí lábẹ́ Èkó tí í ṣe olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ìwọ̀-Oòrùn ló ni ín títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi rí i bí ibi tó yẹ láti pín ilẹ̀ fún àwọn onílé-iṣẹ́: ó wà nítòsí èbúté, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, owó orí rẹ̀ sì ń wọ àpò Ìbàdàn. Láàárín ọdún 1960 sí 1965, ilé-iṣẹ́ aṣọ, ilé-iṣẹ́ ọtí Gínẹ́ẹ̀sì, ilé-iṣẹ́ táyà Dọ́nlọ́ọ̀pù àti ilé-iṣẹ́ Kádíbọ́rì ti fìdí kalẹ̀ ní agbègbè náà.

Ìdí méjì ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lóru, ó sì yẹ kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ mìíràn wà tí kò ṣeé dá dúró. Ọtí tó ti ń hó nínú àgbá kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ gbígbóná tí wọ́n fi ń se táyà kò ṣeé pa ní alẹ́ kí wọ́n tún tàn án láàárọ̀ láìfi epo àti àkókò ṣòfò. Ti ìkejì ni ti owó. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣeé dá dúró nígbàkígbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi owó ńlá rà á láti òkè òkun. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 péré lójúmọ́, owó tí wọ́n fi rà á yóò pẹ́ kó tó padà wọlé. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 24, aṣọ tó jáde yóò di ìlọ́po mẹ́ta láìra ẹ̀rọ kejì. Lójú onílé-iṣẹ́, àfikún tí ó ń san fún òṣìṣẹ́ òru kéré sí iye ẹ̀rọ tuntun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdí méjèèjì yìí yóò hàn gbangba ní ìparí ìtàn yìí, nítorí pé òru tí wọ́n ń ṣe nítorí owó nìkan ni ó kọ́kọ́ máa ń dópin nígbà tí ọjà bá dá.

Ètò tó wọ́pọ̀ ni ti ṣíìfù mẹ́ta: agogo 6 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán, agogo 2 ọ̀sán sí 10 alẹ́, àti agogo 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa yí láti ṣíìfù kan bọ́ sí òmíràn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

3.0 Ohun tí òfin sọ àti ohun tí kò sọ

Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ni ó ṣètò ìbáṣepọ̀ agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ka òfin náà láti wá iye owó òru yóò pàdánù àkókò rẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀. Apá 13 sọ pé àdéhùn láàárín ẹni méjèèjì, tàbí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́, tàbí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ ni yóò pinnu iye wákàtí iṣẹ́. Iṣẹ́ tó bá kọjá iye náà ni àṣekún. Ó ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Kò sọ iye tí àṣekún gbọ́dọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé wákàtí òru gbọ́dọ̀ gbówó lórí ju wákàtí ọ̀sán lọ.

Ibi méjì péré ni òru ti hàn nínú òfin náà ní kedere, ti èèwọ̀ ni méjèèjì. Apá 55 ní kí wọ́n má gba obìnrin sí iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Apá 60 ní kí wọ́n má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Nítorí náà, òfin mọ̀ pé òru ń pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ó fi iye tí ìpalára náà tó sílẹ̀ fún àwọn tó ń dúnàádúrà.

Àbájáde èyí ni pé owó òru di ọmọ àdéhùn. Láti ọdún 1978, nígbà tí wọ́n pa àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kéékèèké pọ̀ di 42 lábẹ́ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ẹgbẹ́ àwọn alaṣọ, ti oúnjẹ àti ohun mímu, àti àwọn yòókù lè jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ wọn láti fọwọ́ sí àdéhùn kan fún gbogbo ilé-iṣẹ́ irú kan náà. Ṣáájú èyí, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń bá òṣìṣẹ́ tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Àdéhùn àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nílé-ẹjọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Àwọn adájọ́ a máa sọ pé kò de ẹnikẹ́ni àfi bí wọ́n bá ti mú un wọ inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà. Àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 2010 ló fún Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ lágbára tó dájú láti túmọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kí ó sì lò ó. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ṣíìfù òru tí wọ́n dúnàádúrà lé lórí kò sí mọ́.

4.0 Ìṣirò owó òru: oṣù kò dọ́gba

Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó òru, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ṣíìfù lè rò pé owó oṣù òṣìṣẹ́ yóò fi ìdá 15 lé sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ kan yóò fi í hàn. Owó ìpìlẹ̀ inú àpẹẹrẹ náà ni ₦125 lóṣù, èyí tí òfin 1981 fi lélẹ̀. Ìdá 15 tí wọ́n fi kún un jẹ́ ti ìṣirò nìkan, kì í ṣe iye tí ilé-iṣẹ́ kan pàtó san.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ìyẹn ṣíìfù márùn-ún oníwákàtí 8. Ọ̀sẹ̀ 52 nínú ọdún jẹ́ wákàtí 2,080. Bí wọ́n bá pín in fún oṣù 12, yóò jẹ́ wákàtí 173 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá pín ₦125 fún un, wákàtí kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ kọ́bọ̀ 72 ó lé díẹ̀. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ 10.8. Nítorí náà, òru kan oníwákàtí 8 yóò mú àfikún kọ́bọ̀ 86.5 wá, ọ̀sẹ̀ òru kan yóò sì mú ₦4.33 wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́ta ni òru ń kan òṣìṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá pa gbogbo ọdún pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta wákàtí rẹ̀ ló jẹ́ ti òru, àfikún rẹ̀ lóṣù yóò sì jẹ́ ₦6.25 ní ìdọ́gba. Èyí kì í ṣe ìdá 15 nínú ₦125. Ìdá 5 péré ni. Ẹni tó bá ń ṣe òru nìkan láìyí padà ló lè rí ìdá 15 náà pé, tí owó rẹ̀ yóò fi di ₦143.75. Àwọn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ìdọ́gba náà sì tún ń tan ni jẹ. Oṣù kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe mẹ́fà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ òru bá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, yóò tún padà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Òṣìṣẹ́ náà yóò gba ₦8.65 àfikún, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦133.65. Bí ọ̀sẹ̀ òru bá bọ́ sí àárín oṣù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò ṣe é, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦129.33. Láti oṣù kan sí èkejì, owó rẹ̀ ti fi ₦4.32 dínkù láìsí pé ó ṣẹ̀, láìsí pé iye àfikún yí padà. Ẹni tí kò ka iye òru tó ṣe yóò gbà pé akọ̀wé owó ti rẹ́ òun jẹ. Bákan náà, akọ̀wé tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ lè fara pamọ́ sẹ́yìn yíyí oṣù. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè dá méjèèjì mọ̀ ni kí wọ́n fi ìwé ṣíìfù ti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn wé ìwé owó oṣù: kí wọ́n ka òru, kí wọ́n sọ ọ́ di wákàtí, kí wọ́n sì fi iye wákàtí kan ṣe ìlọ́po rẹ̀. Òfin 1974, ní apá 7, ti sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí iye owó rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìwé náà ni ẹ̀rí.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ìṣirò yìí kò lè gbé. Wákàtí inú ọgbà ilé-iṣẹ́ nìkan ni owó òru ń san, kì í san wákàtí ojú ọ̀nà. Ẹni tó ṣe ṣíìfù ọ̀sán kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo 10 alẹ́, kò sì ní kọ́bọ̀ kan àfikún lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òru láti agogo 10. Síbẹ̀, òun náà ni yóò wá ọkọ̀ lọ sí Agége, Ṣógúnlé tàbí Oshòdì nígbà tí ọkọ̀ ti wọ́n lójú títì. Àwọn àgbà ní òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Kò sì mọ ẹni tí ṣíìfù rẹ̀ ń jẹ́ ti ọ̀sán.

5.0 Orí kí ni wọ́n gbé ìdá náà lé?

Ìbéèrè yìí ló so owó òru mọ́ àwọn ìjà ńlá tí ìtàn ti kọ sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1970, ìjọba ológun kéde owó ìrọ̀rùn tí ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adébọ̀ dámọ̀ràn nítorí ọ̀wọ́n ọjà ẹ̀yìn ogun. Ìjọba fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ti fi owó kún owó òṣìṣẹ́ láti ọdún 1964 lè yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí yóò san. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége kọ̀ ọ́. Láti òpin ọdún 1970 wọ inú 1971, iṣẹ́ dúró ní ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ ológun kẹ́tàléláàádọ́ta ti ọdún 1969 ti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ìjọba yọ ọ̀rọ̀ ìyọkúrò náà. Adrian Peace, onímọ̀ tó gbé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí tó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1979, fi ìjà yìí ṣe ẹ̀rí pé òṣìṣẹ́ Ìkẹjà kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà ìlú. Wọn kì í jà fún ara wọn nìkan: ìyá olóúnjẹ, onílé àti aránṣọ Agége ń retí owó náà.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ Adébọ̀ tí ìjà náà bò mọ́lẹ̀. Owó náà jẹ́ iye kan gbalaja, wọ́n sì pè é ní owó ìrọ̀rùn, kì í ṣe owó ìpìlẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán nìkan, orúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan; náírà ni náírà. Fún òṣìṣẹ́ ṣíìfù, orúkọ náà lówó nínú. Ká ní owó ìpìlẹ̀ jẹ́ ₦60, tí wọ́n sì fi ₦20 ìrọ̀rùn kún un. Bí àdéhùn bá sọ pé ìdá 15 owó ìpìlẹ̀ ni owó òru, tí òru sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, òṣìṣẹ́ yóò gba ₦3 lóṣù. Bí wọ́n bá pa ₦20 náà pọ̀ mọ́ ìpìlẹ̀, yóò gba ₦4. Ìdá kan náà ni, òru kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún ₦20 ti mú ìdá kan nínú mẹ́rin owó òru lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pẹ̀lú owó àṣekún, owó ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì, nígbàkígbà tí àdéhùn bá gbé wọn lé owó ìpìlẹ̀. Ìdí nìyí tí agbanisíṣẹ́ fi máa ń fẹ́ fi àfikún oríṣiríṣi ṣe ẹ̀bùn, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì máa ń bèèrè pé kí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan.

Ìgbà Údójì fi ojú kejì hàn. Ìgbìmọ̀ náà gbé owó òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù lọ sí ₦720 lọ́dún, ìyẹn ₦60 lóṣù. Nígbà tí ìsanwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni náà dìde láti bèèrè tiwọn. Níbi tí wọ́n ti kọ owó òru gẹ́gẹ́ bí ìdá, ó bá owó ìpìlẹ̀ gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni tún jókòó. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí iye kọ́bọ̀ fún òru kan, ó dúró sójú kan. Ká ní nígbà tí owó ìpìlẹ̀ jẹ́ ₦60, wọ́n fi àdéhùn sí kọ́bọ̀ 42 fún òru kan. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan nígbà náà jẹ́ ₦2.77, nítorí náà kọ́bọ̀ 42 jẹ́ nǹkan bí ìdá 15. Nígbà tí ₦60 di ₦125 ní 1981, owó ọjọ́ kan di ₦5.77, kọ́bọ̀ 42 kò sì ju nǹkan bí ìdá 7 lọ. Ìwé àdéhùn kò yí padà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ iye òru ti di ìdajì. Ọdún tí owó oṣù gòkè ni ọdún tí owó òru wọlẹ̀.

6.0 Àwọn tí èèwọ̀ yọ sílẹ̀

Èèwọ̀ apá 55 kò dédé wá. Ó ti wà nínú òfin iṣẹ́ ìgbà ìjọba amúnisìn, tí ó sì tẹ̀ lé ìpinnu àgbáyé lórí iṣẹ́ òru àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1919. Òru, gẹ́gẹ́ bí òfin náà ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, jẹ́ ó kéré tán wákàtí 11 léraléra tó ní agogo 10 alẹ́ sí 5 àárọ̀ nínú. Wọ́n yọ nọ́ọ̀sì àti obìnrin tó wà ní ipò alábòójútó tí kì í fọwọ́ ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ète rẹ̀ ni ààbò. Nínú ìwé owó oṣù, ó di ìyàtọ̀. Obìnrin àti ọkùnrin tó wà ní ìpele kan náà, tí owó ìpìlẹ̀ wọn jọ jẹ́ ₦125, kò ní gba iye kan náà lọ sílé: ọkùnrin tó ń yí ṣíìfù mẹ́ta yóò gba ₦131.25 ní ìdọ́gba, obìnrin tó ń yí méjì yóò gba ₦125. Ẹni tó bá yẹ ìwé ìpele owó wò yóò sọ pé wọ́n dọ́gba, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Ìwé ìpele kò mọ òru.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìhà kejì tí wọn kì í sábà ronú kàn. Bí ìdá kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìsọ̀rí kan kò bá lè ṣe òru, àwọn yòókù ni yóò máa ṣe é. Bí ó bá gba ènìyàn 10 láti gbé ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 30 ni ìsọ̀rí náà nílò. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọkùnrin, òru yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́ta. Bí 10 nínú wọn bá jẹ́ obìnrin, ọkùnrin 20 ló kù láti gbé òru, yóò sì kan wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan nínú méjì. Owó wọn yóò fi díẹ̀ lé sí i, oorun wọn yóò sì fi púpọ̀ dín. Fún onílé-iṣẹ́, ọ̀nà tó rọrùn láti yẹra fún wàhálà yìí ni kí ó má gba obìnrin sí ìsọ̀rí ṣíìfù rárá. Bí èèwọ̀ tó wà fún ààbò ṣe lè di ilẹ̀kùn tó tì nìyẹn.

7.0 Nígbà tí òru dópin

Láti oṣù kẹrin ọdún 1982, nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀ tí ìjọba Ṣàgàrí sì fi òfin de ọjà òkèèrè, àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun èlò tì. Okùn, kẹ́míkà àti ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ náà kò sì tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé sọ náírà di ohun tí ọjà ń díye lé, owó ohun èlò sì fò sókè. Iná mànàmáná pẹ̀lú kò ṣeé fọkàn tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni epo tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ lóru jẹ́ owó lórí owó.

Ilé-iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ kò tó wákàtí 24 mọ́ kì í kọ́kọ́ lé ènìyàn. Ohun tó rọrùn jù ni kí ó pa ṣíìfù òru. Ìyàtọ̀ tí apá kejì sọ wá já gaara níhìn-ín: ibi tí wọ́n ti ń ṣe òru nítorí pé iṣẹ́ kò ṣeé dá dúró, òru ṣì wà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nítorí kí ẹ̀rọ lè tètè san owó ara rẹ̀, òru lọ. Òṣìṣẹ́ tó bọ́ láti ṣíìfù mẹ́ta sí méjì pàdánù ₦6.25 inú àpẹẹrẹ wa nínú ₦131.25, ìyẹn nǹkan bí ìdá 5 nínú ohun tó ń gba lọ sílé. Owó àṣekún sábà máa ń bá a lọ. Kò sí lẹ́tà pé wọ́n dín owó oṣù kù. Kò sí ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè gbé lọ sí ìdájọ́, nítorí àdéhùn sọ pé wọn yóò san owó òru fún ẹni tó bá ṣe òru, kò sọ pé wọn yóò pèsè òru. Ọdún wọ̀nyẹn sì ni ọjà ń gbówó lórí jù.

Fún ẹni tó ti fi owó òru san owó ilé ní Agége, ìyàtọ̀ kò sí láàárín dídín owó kù àti pípa òru. Nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ àti nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ìyàtọ̀ wà: owó ìpìlẹ̀ kò yẹ̀, nítorí náà owó oṣù kò dínkù. Ní ọdún 2008, nígbà tí Dọ́nlọ́ọ̀pù dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí kò ṣeé dá dúró lóru ti dúró pátápátá.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn owó òru ní Ìkẹjà àti Agége fi hàn pé iye tí wọ́n kéde àti iye tí òṣìṣẹ́ gbà jẹ́ ìtàn méjì tó ń rìn lọ́nà ọ̀tọ̀. Ìjà ńlá, bí ti 1971 àti 1975, máa ń wáyé lórí owó ìpìlẹ̀ nítorí pé gbogbo ènìyàn rí i. Àfikún òru a máa pọ̀, a máa dín, a sì máa pòórá, láìsí ìjà, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n lè tọ́ka sí pé ọjọ́ náà ni wọ́n gbà á.

Nítorí náà, bí ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣíìfù kan bá bọ́ sọ́wọ́ òpìtàn, kì í ṣe iye tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Kó kọ́kọ́ wádìí òru mélòó ló wà nínú oṣù náà. Kó tún wádìí bóyá ìdá ni owó òru tàbí iye kọ́bọ̀, àti orí owó wo ni wọ́n gbé e lé. Lẹ́yìn náà, kó wo ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e, bóyá ìlà tí wọ́n kọ owó òru sí ṣì wà níbẹ̀. Bí ìlà náà bá ti ṣófo, owó oṣù ti dínkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀.